Owó kan náà, èlé méjì: bí 8.25% ṣe di 31% nínú báńkì kan ṣoṣo

Ẹ jẹ́ ká fi oníṣòwò aṣọ kan ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn, ṣe àpẹẹrẹ. Ọdún 2024 ń parí lọ. Ó ní mílíọ̀nù kan náírà nínú àkáǹtì ìfipamọ́ rẹ̀, báńkì sì ń fún un ní èlé 8.25% lọ́dún. Ọjà Kérésìmesì dé, kò fẹ́ tú owó ìfipamọ́ yẹn, ló bá lọ yá mílíọ̀nù kan lọ́wọ́ báńkì kan náà fún ọdún kan gbáko, ní 31%. Bó bá jẹ́ pé ìparí ọdún ni yóò san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, 310,000 náírà ni èlé tí yóò san. Èlé tí òun náà yóò gbà jẹ́ 82,500, ìjọba á sì ti yọ owó orí 10% kúrò nínú rẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ó wá bi máníjà léèrè pé: "Ọ̀gá, ṣé kì í ṣe owó tèmi lẹ fi yá mi? Níbo ni 227,500 tó wà láàárín méjèèjì ń wọlé sí?"

Ìbéèrè gidi ni, ó sì ní ìdáhùn tí èèyàn lè fi bírò àti ìwé ṣírò. Àwa la fọwọ́ ara wa to oníṣòwò yìí àti báńkì rẹ̀, a sì yan iye tó rọrùn fún ìṣirò, ṣùgbọ́n òfin tó de báńkì náà kì í ṣe àròsọ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà, CBN, gbé owó tí báńkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kó wá fi pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀ láti 45% sí 50% owó tí àwọn oníbàárà fi sílẹ̀. CRR ni wọ́n ń pe òfin yìí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, ó gbé òṣùwọ̀n èlé tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní MPR, dé 27.5%. Òfin mìíràn sì wà tó sọ pé èlé àkáǹtì ìfipamọ́ kò gbọdọ̀ kéré ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún MPR lọ. Ẹ fi 30% mú 27.5%, 8.25% ni yóò já sí. Kì í ṣe inú rere báńkì ló bí 8.25% yẹn. Ibi tí òfin ní kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ jù ni, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ báńkì sì ń dúró sí.

Ká gbé mílíọ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ká mú 100 náírà tí oníbàárà kó wọ báńkì, ká tẹ̀ lé e dé ibi tó ń lọ.

50 náírà kọ́kọ́ gba CBN lọ. CBN kì í san èlé kankan lórí rẹ̀. Báńkì kò lè yá a fún ẹnikẹ́ni, kò sì lè fi ra ohunkóhun, síbẹ̀ ó ṣì jẹ gbogbo 100 náírà ní gbèsè, èlé orí 100 náírà náà ló sì ń san. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń bínú sí báńkì kì í rí nìyí, torí pé owó yẹn kì í hàn sí oníbàárà níbikíbi. Bó bá jẹ́ 8.25% ni wọ́n ń san lórí 100 náírà, tó sì jẹ́ 50 péré ló kù tí wọ́n lè fi ṣòwò, náírà kọ̀ọ̀kan tó wà nílẹ̀ fún òwò ti di owó tí wọ́n rà ní 16.5%. Wọn kò tíì san owó iṣẹ́ ẹnikẹ́ni, iye ìràwọlé ti di ìlọ́po méjì.

Nínú 50 tó kù, báńkì gbọ́dọ̀ fi 30 sí ohun tó lè yára di owó, kí ó má bàa di pé oníbàárà wá gba owó rẹ̀ kó má bá a. Èyí náà òfin ni. Bíìlì ìjọba, ìyẹn ìwé gbèsè ọlọ́jọ́ kúkúrú tí ìjọba ń tà, ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń kó o sí, àwa á fi 20% ṣe èlé rẹ̀ nínú ìṣirò yìí.

20 náírà ló wá ṣẹ́kù fún ẹ̀yáwó. Nínú 100 náírà tí ìyá kan kó wá sí káńtà, 20 péré ni báńkì lè fi yá ìyá mìíràn tó dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni tó mọ òfin dáadáa lè fẹ́ já wa ní koro níbí. Ó lè sọ pé CBN náà ló ń pàṣẹ pé kí ẹ̀yáwó báńkì má dín sí ìwọ̀n kan nínú owó oníbàárà: 65% ni tẹ́lẹ̀, wọ́n sì dín in kù sí 50% ní oṣù Kẹrin 2024. Òótọ́ ni. Ẹ wá ro ó pọ̀: 50 fún CRR, 30 fún bíìlì, 50 fún ẹ̀yáwó, 130 ni. Kò sí bí 100 náírà ṣe lè gbé 130. Owó àwọn onípìn-ín àti owó ọlọ́jọ́ gígùn tí báńkì fúnra rẹ̀ yá ló gbọ́dọ̀ dí àlàfo yẹn. A yọ wọ́n kúrò nínú ìṣirò yìí kí ọ̀rọ̀ má bàa díjú, ṣùgbọ́n wọ́n wà níbẹ̀, owó onípìn-ín kò sì ní èlé tí báńkì gbọ́dọ̀ san lórí rẹ̀. Báńkì tí owó onípìn-ín rẹ̀ bá pọ̀ dáadáa máa ń mí fàlàlà ju èyí tí à ń wò yìí lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀gbẹ́ kejì: èló ni báńkì ra 100 náírà náà? Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló wá láti àkáǹtì ìfipamọ́. Ká gbà pé 30 wá láti àkáǹtì kọ́rẹ́ńtì, níbi tí oníṣòwò ti ń kó owó wọlé tó sì ń kó o jáde lójoojúmọ́, tí báńkì kì í san èlé lórí rẹ̀. 40 wá láti àkáǹtì ìfipamọ́ ní 8.25%, èyí á gba 3.30 náírà. 30 tó kù jẹ́ fíkísì tí àwọn olówó ńlá dè mọ́lẹ̀ fún oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà. Àwọn yìí mọ iye tí bíìlì ìjọba ń san, wọn kì í gba kékeré, torí náà 18% ni ká fi sí i, ìyẹn 5.40 náírà. Èlé tó jáde lápapọ̀ jẹ́ 8.70.

Èlé tó wọlé ńkọ́? Bíìlì 30 ní 20% mú 6.00 wá. Ẹ̀yáwó 20 ní 31% mú 6.20 wá. CRR 50 mú òfo wá. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 12.20. Ẹ yọ 8.70 kúrò, ó ku 3.50.

3.50 yìí ni ìyókù èlé báńkì náà. Bí wọ́n ṣe ń fi í ṣe òṣùwọ̀n ni pé kí wọ́n pín in sórí owó tó ń pa èlé wọlé nìkan:

```
(12.20 - 8.70) / 50 = 7%
```

Lójú oníṣòwò Dùgbẹ̀, àlàfo èlé jẹ́ 31 dín 8.25, ìyẹn 22.75%. Nínú ìwé báńkì, 7% ni. Bí a bá sì pín 3.50 yẹn sórí gbogbo 100 náírà tí báńkì gbà, títí kan èyí tó wà ní àtìmọ́lé lọ́dọ̀ CBN, 3.5% ni. Òótọ́ ni iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Oníṣòwò mú èlé tó ga jù lọ nínú ohun tí báńkì ń tà, ó gbé e ko èyí tó rẹlẹ̀ nínú ohun tó ń rà, ó sì ń wò ó bí ẹni pé gbogbo owó tó wọlé ló jáde lọ di ẹ̀yáwó. Ẹni tó bá ń ka ìwé ìṣirò ọlọ́dọọdún báńkì méjì láti fi wọ́n wéra gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n pín in sí. Bí ọ̀kan bá pín in sórí owó tó ń pawó, tí èkejì pín in sórí gbogbo dúkìá, ìfiwéra náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

A wá lè padà sọ́dọ̀ oníṣòwò pẹ̀lú 31% rẹ̀, ká sì tú u palẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó wà nínú rẹ̀ ni iye tí wọ́n ra owó: 8.70 lórí 50 tó ṣeé lò jẹ́ 17.4%. Ohun kejì ni owó tí báńkì ń san lọ́dọọdún fún AMCON, iléeṣẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2010 láti ra gbèsè jíjẹrà tó fẹ́ ri àwọn báńkì mọ́lẹ̀ nígbà náà. 0.5% ni, wọ́n sì ń ka gbogbo dúkìá báńkì mọ́ ọn, CRR tí kò pa kọ́bọ̀ náà wà níbẹ̀. 0.50 lórí 100 di 1% lórí 50 tó ṣeé lò. Ohun kẹta ni owó ìṣiṣẹ́: owó oṣù, dísù jẹnẹrétọ̀, ọkọ̀ agbówó àti ọlọ́pàá tó ń tẹ̀ lé e, kọ̀ǹpútà, àti owó ìdójútòfò tí wọ́n ń san fún NDIC kí owó oníbàárà má bàa ṣègbé bí báńkì bá wó. A fi 3 náírà sí i lórí 100. Lórí 50, 6% ni. Ohun kẹrin ni gbèsè tí kò ní padà. A fi 4% sí i.

17.4 àti 1 àti 6 àti 4, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 28.4%. 2.6% tó kù kó tó pé 31 ni èrè báńkì lórí ẹ̀yáwó náà, kó tó san owó orí. Lórí mílíọ̀nù kan, 26,000 náírà ni nínú 310,000.

Ohun kan wà níbí tó lè yani lẹ́nu. Ẹ wo bíìlì ìjọba tó ń pa 20%. Bí a bá ka 17.4 àti 1 àti 6 sí i lọ́rùn, tí a sì yọ gbèsè jíjẹrà kúrò torí ìjọba kì í jẹ gbèsè bíìlì rẹ̀, 24.4% ló ná báńkì. Òfò 4.4% ló wà níbẹ̀. Lórí 30 náírà, 1.32 lọ. Ẹ̀yáwó mú èrè 0.52 péré wá lórí 20. Bí kì í bá ṣe owó tí báńkì ń gbà lórí káàdì, lórí ìfowóránṣẹ́ àti lórí iṣẹ́ mìíràn, tí a fi 2 náírà sí lórí 100, báńkì yìí wọ gbèsè. Èrè rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 1.20 náírà lórí 100. Ẹni tó bá ń kùn sí owó kékeré tí wọ́n ń yọ lórí ìfowóránṣẹ́ lè máa kùn lọ, kò burú, ṣùgbọ́n nínú báńkì tiwa yìí, owó yẹn ju gbogbo èrè lọ.

4% fún gbèsè jíjẹrà yẹ kí a dúró tì díẹ̀, torí ibẹ̀ ni oníbàárà rere ti ń gbé ẹrù ẹlòmíràn. Nígbà tí báńkì ń fọwọ́ sí ìwé ẹ̀yáwó, kò mọ ẹni tí kò ní san, iye tó máa ń ṣẹlẹ̀ ló mọ̀. Ó pín in sórí gbogbo wọn. Bí ẹ̀yáwó mílíọ̀nù kan bá wá ṣègbé pátápátá lórí ohun tó ti retí, èrè 26,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀yáwó mílíọ̀nù kan mìíràn ni yóò fi dí i. Yóò gbà á tó ẹ̀yáwó 39 tó dára kó tó dí ihò kan. Torí náà ni òṣìṣẹ́ ẹ̀yáwó fi ń wo ìwé àkáǹtì oṣù mẹ́fà, tó ń béèrè BVN, tó ń fẹ́ rí onídùúró. Òfin kan tó bẹ̀rẹ̀ ní 2020, tí wọ́n ń pè ní GSI, ti jẹ́ kí báńkì lè nawọ́ mú owó nínú àkáǹtì ajigbèsè ní báńkì mìíràn, ó sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí nǹkan nínú àkáǹtì wọ̀nyẹn, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ mú.

Kí ni oníṣòwò wa lè ṣe sí i, nígbà tó jẹ́ pé ó ní mílíọ̀nù kan tirẹ̀ nílẹ̀? Ó lè ní kí báńkì fi owó yẹn ṣe ìdúró ẹ̀yáwó náà, kí wọ́n tì í pa títí yóò fi san tán. 4% fún gbèsè jíjẹrà á ṣubú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, iṣẹ́ àyẹ̀wò á dín kù, ó sì lè fi ìyẹn bá wọn dúnàádúrà dé 27% tàbí kó rẹlẹ̀ sí i. Kò lè dé 10% ṣá o, torí CRR, AMCON àti owó fíkísì àwọn ẹlòmíràn ṣì wà nínú rẹ̀. Bí kò bá sì ní ìdí pàtàkì tí kò fi fẹ́ tú owó ìfipamọ́ náà, ohun tó dínwó jù ni kó lò ó. Kò sí bí èèyàn ṣe lè gba 8.25%, kó san 27% lórí iye kan náà, kó sì jèrè. Ẹ tún rántí pé àjọ tó ń ka ìṣirò orílẹ̀-èdè sọ pé ọ̀wọ́n gógó jẹ́ 34.8% ní oṣù Kejìlá 2024, nítorí náà 8.25% kò dáàbò bo owó náà rárá.

Ohun kan tún wà tó máa ń jẹ́ kí àlàfo náà fẹ̀ ju bí báńkì ṣe kọ ọ́ lọ. Ẹ bi wọ́n bóyá èlé náà ń tẹ̀ lé ohun tó kù nílẹ̀ tàbí orí owó àkọ́kọ́ ni wọ́n ń kà á sí títí dópin. Bí oníṣòwò bá ń san mílíọ̀nù kan náà díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù fún oṣù 12, ní 31% tó ń tẹ̀ lé ìyókù, yóò máa san nǹkan bí 98,000 lóṣù, èlé rẹ̀ á jẹ́ nǹkan bí 176,000. Bí wọ́n bá kà á sórí mílíọ̀nù kan títí dé ìparí, á máa san nǹkan bí 109,000 lóṣù, èlé á jẹ́ 310,000. Nígbà náà, èlé gidi tó ń san ti tó 53% lọ́dún. 31% ló wà lórí ìwé méjèèjì.

Àwọn báńkì kò sì dọ́gba. Iye tó máa ń yà wọ́n sọ́tọ̀ jù ni àkáǹtì kọ́rẹ́ńtì, owó tí kò ní èlé. Ẹ gbà pé báńkì kékeré kan kò ní ju fíkísì lọ, 18% lórí gbogbo 100. Pẹ̀lú CRR 50%, náírà tó ṣeé lò ti di 36% lọ́wọ́ rẹ̀, kó tó san owó oṣù. Bó bá yá a jáde ní 31%, òfò ni. Bó bá gbé e sí 45%, ẹni tí kò ní lọ́kàn láti san nìkan ni yóò gbà á. Ìdí nìyí tí àwọn báńkì fi ń du àkáǹtì owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, tí wọ́n ń kó ẹ̀rọ POS fún àwọn oníṣòwò, tí wọ́n sì ń lé owó iléeṣẹ́ ńlá kiri. Owó tó ń dúró díẹ̀ nínú àkáǹtì kó tó kọjá ni wọ́n ń wá.

Kì í ṣe ibi gbogbo ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹ kọjá ẹnu ibodè sí Àjàṣẹ́ tàbí Kétu, ní Bìní, níbi tí wọ́n ń ná CFA. BCEAO ló ń darí owó níbẹ̀, 3% péré ló sì fi ṣe òdiwọ̀n owó tí báńkì gbọ́dọ̀ kó wá fún òun láti 2017. Èlé ìwé ìfipamọ́ jẹ́ 3.5%, èlé tí báńkì lè gbà lórí ẹ̀yáwó kò sì gbọdọ̀ kọjá 15%. Bí báńkì bá ra owó ní 3.5% tó sì kó 3% lọ fún BCEAO, 3.6% ló wá ń jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàtọ̀ náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi yẹ kí èèyàn máa sọ ọ́. Àmọ́ nítorí àlà 15% yẹn, ẹni tí òwò rẹ̀ léwu kì í sábà rí ẹ̀yáwó gbà ní báńkì rárá, ó di ọ̀dọ̀ àwọn ayánilówó kéékèèké, tí àlà tiwọn jẹ́ 24%.

Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, CBN dín MPR kù sí 27%, ó sì dá CRR padà sí 45%. Ẹ jẹ́ ká tún ìṣirò náà ṣe, ká fi gbogbo ohun tó kù sílẹ̀ bó ṣe wà. Owó tó ṣeé lò di 55: bíìlì 30, ẹ̀yáwó 25. Èlé ìfipamọ́ tó kéré jù di 8.10%, èlé tó jáde di 8.64. Iye tí wọ́n ra owó di 15.7%, AMCON 0.9, owó ìṣiṣẹ́ 5.5, gbèsè jíjẹrà 4. Bí báńkì bá fẹ́ 2.6% rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, yóò lè yá oníṣòwò Dùgbẹ̀ lówó ní nǹkan bí 28.7%. Bí kò bá sì dín kọ́bọ̀ kù, tó dúró sí 31%, ìyókù èlé rẹ̀ á gòkè láti 7% sí nǹkan bí 9.3%.

Èwo nínú méjèèjì ni báńkì yóò ṣe? Ìwé àdéhùn ẹ̀yáwó ló ń sọ. Òfin so èlé ìfipamọ́ mọ́ MPR, nítorí náà, bí MPR bá ti wálẹ̀, báńkì lẹ́tọ̀ọ́ láti mú 8.25% wá sí 8.10% láìbi ẹnikẹ́ni. Oníṣòwò á pàdánù 1,500 náírà lọ́dún lórí mílíọ̀nù rẹ̀. Èlé ẹ̀yáwó kò ní okùn tó so ó mọ́ MPR bẹ́ẹ̀. Ìwé àdéhùn sábà máa ń sọ pé báńkì lè yí i padà bí ọjà owó bá ṣe rí, kò sì sọ pé ó gbọ́dọ̀ dín in kù. Ó ku sọ́wọ́ ayáwó láti kọ lẹ́tà, kó dárúkọ ọjọ́ tí CBN ṣe ìpinnu náà, kó sì béèrè pé kí wọ́n tún èlé òun yẹ̀ wò. Bí wọ́n bá kọ̀, kó gba ìwé iye tó kù lọ́wọ́ wọn, kó gbé e lọ sí báńkì mìíràn, kó sì kọ́kọ́ ka ohun tí àdéhùn wí nípa owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá san gbèsè ṣáájú ọjọ́.